Kí a tó fọwọ́ sí iṣẹ́ ọjà títà tó jẹ́ ti kọ́míṣọ̀n

(Ọ̀rọ̀ àsọyé fún àwọn ọ̀dọ́ tó péjọ ní Kétu)

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin olóyè tó wà níjòókòó, ẹ̀yin olùkọ́, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí kàn gbọ̀ngbọ̀n, mo kí yín, ẹ kú àárọ̀, ẹ kú ìjókòó. Mo kí àwọn tó ti Ìlárá wá láti ìdájí, mo sì kí àwọn tó ti Pọ́bẹ̀ àti Àjàṣẹ́ wá bá wa. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ìrìn yín já sí asán.

Àwọn tó pè mí ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́. Bí mo bá ní kí n sọ̀rọ̀ lórí gbogbo iṣẹ́, ilẹ̀ yóò ṣú bá wa níbí, a kò sì ní mú nǹkan kan délé. Oríṣi iṣẹ́ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bá yín sọ, èyí tí wọ́n ń lẹ ìwé rẹ̀ mọ́ ara ògiri káàkiri ìlú wa, tí wọ́n ń kọ sí i pé «A ń wá àwọn ọ̀dọ́ tó lè ta ọjà, ẹ lè gba 200,000 sẹ́fà lóṣù». Iṣẹ́ tí owó oṣù rẹ̀ kéré, tí kọ́míṣọ̀n, owó tí a ń gbà lórí ẹyọ ọjà kọ̀ọ̀kan tí a bá tà, sì jẹ́ èyí tó pọ̀ jù nínú owó tí wọ́n ṣèlérí. Mo ti ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí, mo sì ti jẹ́ ọ̀gá lórí àwọn tó ń ṣe é. N kò wá bú u. Àwọn kan wà tó fi kọ́ ilé. Ṣùgbọ́n àwọn tó pọ̀ jù nínú àwọn tí mo mọ̀ wọ inú rẹ̀ láìbéèrè ohunkóhun, wọ́n sì jáde pẹ̀lú gbèsè epo alùpùpù.

Àwọn àgbà ní iṣẹ́ ni oògùn ìṣẹ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín: iṣẹ́ tí ẹni tó ń ṣe é ń fi owó àpò ara rẹ̀ gbọ́, oògùn kí ni ìyẹn?

Ìwé tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi mú wá

Ní oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan mú ìwé àdéhùn kan wá bá mi nílé. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní, «Bàbá, mo ti ríṣẹ́.» Mo ní kí ó jókòó, kí ó kà á fún mi. Iléeṣẹ́ tó ń ta iná sólà fún àwọn ará abúlé ni, irú èyí tí oníbàárà ń san díẹ̀ sílẹ̀, tí yóò sì máa san ìyókù díẹ̀díẹ̀ lórí fóònù. Owó oṣù tó dúró jẹ́ 25,000 sẹ́fà. Iye tí wọ́n ní kí ó tà lóṣù, èyí tí àwọn ọ̀gá ń pè ní ọ̀bùjẹkitíìfù, jẹ́ 40 iná. Bí ó bá tà tó 40, yóò gba 3,000 sẹ́fà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá tó 40, yóò gba 1,000 péré lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Epo alùpùpù, òun ni yóò máa rà á.

Mo bi í pé, 200,000 tí wọ́n kọ sára ògiri dà? Ó wo ìwé náà, kò rí i níbẹ̀. Mo ní kí a jọ ṣe ìṣirò rẹ̀. Kí ó tó lè gba 200,000, ó gbọ́dọ̀ ta iná 59 lóṣù kan. Bí ó bá ta 40 gẹ́lẹ́, 145,000 ni. Bí ó bá ta 39, 64,000 ni. Ẹ tún un gbọ́ o: iná kan ṣoṣo tí kò rí tà ní ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù yóò gba 81,000 sẹ́fà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá rí irú àdéhùn báyìí, ẹ mọ̀ pé iye owó tó wà lórí ìwé kì í ṣe ohun tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ohun tó yẹ kí ẹ wò ni bóyá 40 yẹn ṣeé dé.

Ẹ rántí Àkábà Ìdènà tiwa, ẹnubodè àtijọ́ ìlú yìí. Nígbà ayé àwọn baba wa, ẹni tó bá dé ẹnu odi kì í kàn gba ibẹ̀ kọjá ṣáá. Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ kí iṣẹ́ kọ́míṣọ̀n dáhùn lẹ́nu odi kí ẹ tó jẹ́ kó wọlé.

Ọ̀rọ̀ kìíní: ṣé iye tí wọ́n ní kí a tà ṣeé tà?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbọ́ 40 lóṣù, wọ́n á sọ pé, «Àbí kí ni 40? Kò tó méjì lóòjọ́.» Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Ṣùgbọ́n ọjà kì í tà nípa pípín iye rẹ̀ sí ọjọ́. Ẹsẹ̀ ni a fi ń ta á. Ìbéèrè tó yẹ ni pé: ilé mélòó ni mo gbọ́dọ̀ wọ̀ kí n tó ta ẹyọ kan?

Nígbà tí mo ń ṣe iṣẹ́ yìí, mo ní káyé kan tí mo ń kọ gbogbo ilé tí mo bá wọ̀ sí. Nínú ilé 10 tí mo bá bá sọ̀rọ̀, mẹ́ta á ní kí n padà wá, nítorí bàbá ilé kò sí níbẹ̀ tàbí nítorí owó kò tíì wọlé. Ẹyọ kan á rà, lọ́pọ̀ ìgbà nígbà tí mo bá padà lọ. Bí a bá fi èyí ṣe òṣùwọ̀n, ilé 400 ni ẹni tó fẹ́ ta 40 gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọ̀, yóò sì padà sí 120 nínú wọn. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ìbẹ̀wò 520. Bí ó bá ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ 26 lóṣù, ìbẹ̀wò 20 ni lóòjọ́.

Ṣé ìbẹ̀wò 20 ṣeé ṣe lóòjọ́? Ní Àjàṣẹ́, níbi tí ilé ti fara kan ilé, ó ṣeé ṣe fún ẹni tí ara rẹ̀ le. Ìbẹ̀wò kan á gba nǹkan bíi 20 ìṣẹ́jú, gbogbo rẹ̀ á sì gba wákàtí mẹ́fà sí méje. Ṣùgbọ́n ní àwọn abà wa ńkọ́? Ọ̀nà wà láàrin abà kan sí èkejì. Ẹ kò lè dé ilé àgbàlagbà kí ẹ má kí i dáadáa, kí ẹ má jókòó, kí ẹ má mu omi. Ìbẹ̀wò kan pẹ̀lú ọ̀nà rẹ̀ á tó 45 ìṣẹ́jú. Ẹni tó bá jáde fún wákàtí mẹ́jọ á ṣe ìbẹ̀wò 10, iyẹn bí òjò kò bá rọ̀. Ní ọjọ́ 26, ìbẹ̀wò 260 ni. Iná 20 ni yóò tà, ìdajì ohun tí wọ́n béèrè, kì í sì í ṣe nítorí pé ó ya ọ̀lẹ. N kò tilẹ̀ tíì sọ pé ní àárọ̀, oko ni àwọn tó lè rà á wà.

Ẹ má fi òṣùwọ̀n tèmi yìí ṣe òfin o. Ọjà yàtọ̀ sí ọjà. Ẹ lọ wá ẹni tó ń ta irú ọjà náà gan-an, ẹ bá a rìn fún ọjọ́ kan láìgba owó, kí ẹ máa ka ilé tó wọ̀ àti iye tó tà. Ọjọ́ kan péré á kọ́ yín ju ìpàdé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ níbẹ̀ lọ. Ọ̀gá tó bá kọ̀ pé kí ẹ bá òṣìṣẹ́ òun rìn ti dá yín lóhùn nìyẹn.

Ohun kejì tí a fi ń mọ̀ bóyá iye náà jẹ́ òótọ́ ni ìgbà ọdún. Ẹ̀yin ni ẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ: owó àgbẹ̀ kì í wọlé bákan náà lóṣooṣù. Ní ìhà tiwa níbí, bí àgbàdo àkọ́kọ́ bá gbó ní oṣù keje sí ìkẹjọ, owó á yí díẹ̀. Ní oṣù karùn-ún àti ìkẹfà, nígbà tí àká ti ṣófo tí irúgbìn ṣì wà nílẹ̀, ta ni ẹ fẹ́ ta iná fún? Ní Ṣábẹ̀ẹ́, owó kajú ni wọ́n ń retí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, ìgbà tiwọn sì yàtọ̀ sí tiwa. Bí iléeṣẹ́ kan bá wá gbé 40 kalẹ̀ fún Kétu, fún Ṣábẹ̀ẹ́ àti fún Àjàṣẹ́, ní oṣù kìíní títí dé ìkejìlá, ẹ mọ̀ pé ẹni tó kọ iye yẹn kò wo ojú ilẹ̀ wa rárá. Ó ti pinnu iye tí iléeṣẹ́ fẹ́ tà lọ́dún, ó sì pín in sí iye orí òṣìṣẹ́. Iye tí a fi irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ rí jẹ́ ohun tí ọ̀gá ń fẹ́, kò sọ ohunkóhun fún wa nípa ohun tí abà lè rà.

Nítorí náà, ìbéèrè tí ẹ ó bi ọ̀gá kò le. Ẹ ó fi ọ̀wọ̀ béèrè pé: «Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, nínú àwọn tó ń ta ọjà yín ní agbègbè yìí, ènìyàn mélòó ló ta tó iye yìí ní oṣù karùn-ún tó kọjá?» Kì í ṣe «ṣé àwọn kan wà tó tà á?», nítorí ẹnì kan kò ní ṣàìwà. Mélòó nínú mélòó, ní oṣù tí ẹ dárúkọ. Bí ó bá jẹ́ mẹ́fà tàbí méje nínú mẹ́wàá, iye náà le, ṣùgbọ́n ó jẹ́ ti ọmọ ènìyàn. Bí ó bá jẹ́ ẹyọ kan nínú mẹ́wàá, ẹ yọ owó 40 kúrò nínú ìrònú yín pátápátá, kí ẹ fi owó tí wọ́n ń san fún ẹni tí kò dé ibẹ̀ ṣe ìṣirò.

Ọ̀rọ̀ kejì: ilẹ̀ tí wọ́n pín fún wa

Nǹkan tí mo fẹ́ kí ẹ mú délé ju gbogbo ìyókù lọ lónìí ló wà níhìn-ín, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́.

Wọ́n á sọ fún yín pé, «Sóònù yín tóbi, láti ibí dé ọ̀hún ni.» Inú yín á dùn. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ kọ́ ló ń ra ọjà. Ìgbẹ́ kì í ra iná. Ìwọ̀n ìrìn tí ẹ ó rìn ni títóbi ilẹ̀ ń sọ, kò sọ iye ènìyàn tó lè rà.

Mo bá ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ sí sóònù tí wọ́n fẹ́ fún un. Abà mẹ́ta ni, ní apá ọ̀nà Ìlárá, pẹ̀lú ọjà kan tí wọ́n ń ná ní ọrọọrún. A lọ kí baálẹ̀ kọ̀ọ̀kan, a mú obì dání, a sì jókòó. A bi wọ́n ní iye ìdílé tó wà lábẹ́ wọn. Nígbà tí a pa gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó jẹ́ nǹkan bí ìdílé 1,200. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo ní kó dúró.

A wá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Abà kan nínú wọn ti ní iná mànàmáná ìjọba, ìdílé bí 300 ló sì ti fà á wọlé. Àwọn yẹn kò ní ra iná sólà. Ó ku 900. Ìdílé bí 350 ti ní pánẹ́ẹ̀lì tiwọn lórí òrùlé, èyí tí wọ́n rà lówó ọwọ́ lọ́jà. A rìn yí ká, a fi ojú ara wa kà á. Ó ku 550. Iléeṣẹ́ yìí kan náà sì ti ta iná fún ìdílé 150 láti ọwọ́ àwọn tó ṣiṣẹ́ náà ṣáájú. Ó ku 400.

Ìdílé 400. Bí ẹnì kan nínú mẹ́wàá bá rà á gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n mi, 40 ni. Ẹ gbọ́ o: gbogbo sóònù náà, láti igun kan dé èkejì, iná 40 ló lè rà. Iye oṣù kan péré nìyẹn! Bí ọwọ́ ọmọ náà bá tilẹ̀ dára tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé ẹnì kan nínú mẹ́rin ló ń rà lọ́wọ́ rẹ̀, 100 ni, kò pé oṣù mẹ́ta. Ní oṣù kẹrin, kò ní sí ẹni tó kù láti bá sọ̀rọ̀ mọ́. Ìgbà yẹn ni ọ̀gá yóò pè é sí ọ́fíìsì, tí yóò ní kò ṣiṣẹ́ kára mọ́, òun náà yóò sì gbà gbọ́ pé òun ni ọ̀lẹ. Mo ti rí ọ̀dọ́ tó sunkún níwájú mi lórí ohun báyìí. Ó dùn mí títí di òní, nítorí pé èmi ni ọ̀gá tó ń bá a wí nígbà náà, n kò sì tíì mọ bí a ṣe ń ka ilẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀ yín: kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé, ẹ lọ ka àwọn tó lè rà, kí ẹ yọ àwọn tí kò lè rà, kí ẹ mú ẹnì kan nínú mẹ́wàá nínú ohun tó kù, tàbí òṣùwọ̀n tí ẹ̀yin fúnra yín bá rí, kí ẹ wá fi iye oṣù kan pín in. Ohun tó bá jáde ni iye oṣù tí iṣẹ́ náà yóò fi wà láàyè. Bí kò bá pé ọdún kan, ẹ béèrè ohun tí wọn yóò ṣe nígbà tí sóònù bá tán: ṣé wọn yóò fi abà mìíràn kún un, àbí wọn yóò lé yín lọ?

Ẹ tún béèrè bóyá ẹ̀yin nìkan ni yóò wà níbẹ̀. Àwọn iléeṣẹ́ kan wà tí wọ́n ń fi ènìyàn mẹ́ta sí abà kan náà, tí wọ́n sì ń fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní iye kan náà láti tà. Àwọn mìíràn á jẹ́ kí ẹ ṣí ilẹ̀ náà fún ọdún kan, bí ó bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í so èso, wọ́n á gé e sí méjì. Bí wọ́n bá ní kò sí irú rẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn.

Ó ku epo. Ọmọ náà yóò máa rìn tó 60 kìlómítà lóòjọ́ ní sóònù yẹn. Ní ọjọ́ 26, 1,560 kìlómítà ni. Alùpùpù rẹ̀ ń fi lítà epo kan rin nǹkan bíi 40 kìlómítà, nítorí náà lítà 39 ni. Bí a bá ka lítà kan sí 700 sẹ́fà, 27,300 ni. Owó oṣù tó dúró ńkọ́? 25,000. Kí ó tó ta ẹyọ kan, ó ti jẹ gbèsè 2,300 sẹ́fà. Táyà, ọ́ìlì àti kírẹ́díìtì fóònù kò sí nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kẹta: kí ni àwọn tó ṣe é ṣáájú gbà?

Àwọn baba wa ní ẹni tí yóò dá aṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò. Nínú iṣẹ́ kọ́míṣọ̀n, ọrùn tí a ń wò ni ti àwọn tó ti wọ aṣọ náà ṣáájú wa. Ẹ lọ bá wọn. Kì í sì í ṣe àwọn tí ọ̀gá mú jáde nìkan, nítorí pé ẹni tí ọ̀gá máa mú jáde ni ẹni tó ṣe dáadáa jù.

Báwo ni a ṣe ń rí àwọn tó ti lọ? Ó rọrùn ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹ wọ abà náà, ẹ bi àwọn tó ti ra ọjà pé, «Ta ló tà á fún yín, ìgbà wo sì ni?» Ẹlòmíràn á mú ìwé ẹ̀rí ìsanwó jáde, orúkọ ẹni tó tà á àti ọjọ́ á sì wà níbẹ̀. Ní sóònù ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, orúkọ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a rí láàrin ọdún kan. Iye yẹn nìkan ti sọ ọ̀rọ̀ púpọ̀. A béèrè wọn, a sì rí gbogbo wọn: ọ̀kan ń wa takisí, ọ̀kan ti padà sí oko, ẹ̀kẹta jẹ́ obìnrin tó ń ta aṣọ ní ọjà Pọ́bẹ̀. A tún rí méjì tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ náà ní sóònù mìíràn. Ènìyàn márùn-ún nìyẹn, mo sì gbà pé márùn-ún tó fún ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ má bi wọ́n pé, «Ṣé iṣẹ́ náà dára?» Ẹni tí inú ń bí á bú u, ẹni tó ń tijú pé òun kò rí ṣe á yìn ín. Ẹ béèrè oṣù kan pàtó. Ẹ má béèrè oṣù kìíní, nítorí pé irọ́ ni oṣù kìíní máa ń pa. Èmi fúnra mi, nígbà tí mo ń ta fìríìjì àti fáànù ní Àjàṣẹ́ lábẹ́ iléeṣẹ́ kan, mo ta 22 ní oṣù kìíní. Mo rò pé mo ti di ọlọ́rọ̀. Àwọn wo ni mo tà á fún? Ẹ̀gbọ́n mi, àna mi, àwọn tí a jọ ń gbàdúrà, ọ̀rẹ́ bàbá mi. Ní oṣù kẹrin, mo ta márùn-ún. Ẹbí ti tán. Nítorí náà, oṣù kẹfà ni kí ẹ béèrè, kí ẹ sì béèrè oṣù tó burú jù.

A bi àwọn márààrún ní iye tí wọ́n gbà ní oṣù kẹfà wọn. Èkíní ní 31,000. Èkejì ní 38,000. Ẹ̀kẹta ní 42,000. Ẹ̀kẹrin ní 55,000. Ẹ̀karùn-ún ní 190,000. Ẹ fara balẹ̀ wo ohun tí iléeṣẹ́ lè fi èyí ṣe. Bí wọ́n bá pa gbogbo rẹ̀ pọ̀, tí wọ́n pín in sí márùn-ún, 71,200 ni, wọ́n á sì lè bojú wò yín pé, «Àwọn ènìyàn wa ń gba 71,000 ní ìpíndọ́gba.» Kò sí irọ́ nínú ìṣirò wọn. Ṣùgbọ́n ta ni nínú márùn-ún yẹn ló gba 71,000? Kò sí ẹnì kankan. Ẹni tó wà láàrin, tí méjì wà lókè rẹ̀ tí méjì sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀, 42,000 ló gbà. Òun ni ẹni tí ẹ ó jọ jù. Bí ẹ bá sì yọ 27,300 ti epo kúrò, 14,700 ló mú wọlé. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba Bẹ̀nẹ̀ fi lélẹ̀ láti oṣù kìíní ọdún 2023 jẹ́ 52,000 sẹ́fà.

Ẹni tó gba 190,000 ńkọ́? A lọ bá a, ó sì fi òótọ́ sọ fún wa. Òun ni ó kọ́kọ́ wọṣẹ́ náà ní agbègbè yìí, àárín ìlú ló sì wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, níbi tí àwọn olùkọ́ àti àwọn oníṣòwò wà. Ó tún ní ọ̀dọ́ mẹ́ta tó ń bá a tà, tí wọ́n sì ń kọ ohun tí wọ́n bá tà sí orúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ń fi lọ ọmọ wa. Nígbà gbogbo tí ẹ bá rí ẹni tó ń gbà jù, ẹ béèrè ohun tó ní tí wọn kò ní fún yín.

Obìnrin tó wà ní Pọ́bẹ̀ yẹn ló sọ ohun tí n kò ní gbàgbé. Ó ní, «Bàbá, ìwọ̀nba tí wọ́n kọ fún mi kọ́ ni mo gbà.» Iléeṣẹ́ náà ń san ìdajì kọ́míṣọ̀n nígbà tí oníbàárà bá san owó àkọ́kọ́, ìdajì kejì sì di ẹ̀yìn oṣù mẹ́ta, bí oníbàárà kò bá dáwọ́ dúró. Ní oṣù karùn-ún, nígbà tí owó tán lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, wọ́n dáwọ́ ìsanwó dúró, ìdajì kejì tirẹ̀ sì bá a lọ. Ó ṣí fóònù rẹ̀, ó fi ìsọfúnni owó tó wọlé hàn wá ní oṣooṣù. Ibẹ̀ ni òótọ́ wà, nínú owó tó wọ fóònù. Nítorí náà, ẹ sọ fún ẹni tí ẹ bá lọ bá pé kí ó jọ̀ọ́ jẹ́ kí ẹ rí i, bí ó bá fẹ́. Àwọn tó ti lọ kì í sábà fi pamọ́.

Bí kò bá sí ẹni tó ṣe é ṣáájú

Ẹnì kan á ní, «Bí iléeṣẹ́ náà bá jẹ́ tuntun ńkọ́, tí kò sí ẹni tó ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí?» Ìbéèrè gidi ni. Nígbà náà, iléeṣẹ́ náà kò mọ iye tó ṣeé tà jù yín lọ, kò sì tọ́ kí ẹ̀yin nìkan gbé ewu rẹ̀. Ẹ béèrè owó tó dúró tó tó yín jẹun fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: àwọn kan á fún yín ní owó náà gẹ́gẹ́ bí àsansílẹ̀, wọ́n á sì máa yọ ọ́ padà nínú kọ́míṣọ̀n yín lẹ́yìn oṣù kẹta. Ẹ béèrè ní tààràtà: «Bí mo bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, ṣé mo jẹ yín ní gbèsè?» Ìdáhùn gbọ́dọ̀ wà lórí ìwé. Ní ti àwọn tó bá ní kí ẹ kọ́kọ́ fi owó ra ọjà kí wọ́n tó gbà yín síṣẹ́, n kò ní pẹ́ lórí wọn: ẹ̀yin gan-an ni oníbàárà tí wọ́n ń wá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ọmọ náà já sí

Ẹ ó fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi padà lọ bá ọ̀gá náà pẹ̀lú káyé rẹ̀. Kò jà. Ó fi iye ìdílé tó kù hàn án, ó ní, «Ọ̀gá, mo fẹ́ bá yín ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n iná 40 ni gbogbo ilẹ̀ yìí lè rà.» Ọ̀gá náà bínú, ó ní ìwé àdéhùn kò ṣeé yí padà. Ọmọ náà dúpẹ́, ó sì lọ. Lẹ́yìn ọjọ́ 12, wọ́n pè é. Wọ́n fún un ní sóònù mìíràn ní ọ̀nà Pọ́bẹ̀, wọ́n sọ iye náà di 18, kọ́míṣọ̀n di 2,000 láti orí ẹyọ kìíní, wọ́n sì fi 15,000 kún un fún epo.

A tún jókòó, a tún un ṣe. N kò gba 18 yẹn gbọ́, mo ní kó fi 12 ṣe ìṣirò. Bí ó bá ta 12, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 64,000, bí a bá sì yọ epo kúrò, 36,700 ni yóò kù. Ó kọ ọ́ sí ẹ̀yìn káyé rẹ̀, ó fa ìlà sí i lábẹ́, ó sì fọwọ́ sí ìwé.

Ó ti pé oṣù mẹ́ta. Ó ta 16, lẹ́yìn náà 14, lẹ́yìn náà 11. Oṣù tó kọjá, 34,700 ló kù sí i lọ́wọ́. Owó kékeré ni, n kò sì ní pè é ní ohun mìíràn. Kò dé 52,000. Ṣùgbọ́n kò jẹ gbèsè, kò sì yà á lẹ́nu, nítorí ó ti rí i nínú káyé kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ó ti sọ fún mi pé òun yóò dúró títí àgbàdo yóò fi wọlé, kí òun wò ó bóyá yóò gòkè ju 16 lọ. Bí kò bá gòkè, yóò lọ.

Ẹ̀yin tó ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, ẹ mú un wá bá mi nílé ní ọ̀la tàbí ní ọ̀túnla kí n tó padà sí Àjàṣẹ́. Ẹ mú káyé àti gègé dání, kí ẹ sì ti bi baálẹ̀ yín ní iye ìdílé tó wà lábẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó dé. Ẹ ṣé é o.